Òfin Stokes: Ohun Tí Etí Awọ Ń Sọ Nípa Inú Rẹ̀

Òfin Stokes so iye méjì pọ̀, iye méjì tí ẹni tó bá kọ́kọ́ rí wọn kò ní rò pé wọ́n bára tan. Iye kìn-ín-ní jẹ́ ti ìlà: ohun tí ènìyàn kó jọ bó ṣe ń rìn yí ìlà kan ká nínú òfuurufú, títí tó fi padà sí ibi tó ti gbéra. Iye kejì jẹ́ ti awọ: ohun tí ènìyàn kó jọ lórí awọ tí ìlà náà jẹ́ etí fún, bí ẹnu ìlù ṣe jẹ́ etí fún awọ tí wọ́n fi bò ó. Ìlà náà lè wọ́, ó lè gòkè, ó lè sọ̀ kalẹ̀. Kí orí rẹ̀ ṣáà ti pàdé ìdí rẹ̀. Òfin náà ní iye méjèèjì dọ́gba, ìbáà jẹ́ pé awọ náà le dan-in tàbí pé ó sọ̀ kodoro. Ibi tí ọ̀rọ̀ awọ tó sọ̀ yìí ti wọlé ni agbára òfin náà wà, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kà kọjá.

Kí iye kankan tó wà, pápá ọfà ní láti wà. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ nínú yàrá, gbogbo ojú ibi tó wà nínú yàrá náà ni afẹ́fẹ́ ti ní ìhà tó kọjú sí, tó sì ní bó ṣe yára tó. Ọfà kan lè dúró fún méjèèjì: ibi tí ẹnu rẹ̀ kọ sí ni afẹ́fẹ́ ń lọ, gígùn rẹ̀ sì ni eré tí afẹ́fẹ́ náà ń sá. Omi tó ń ṣàn ní irú pápá bẹ́ẹ̀. Agbára mágínẹ́ẹ̀tì tó yí wáyà iná ká náà ní tirẹ̀. Nínú ìwé, F ni wọ́n sábà máa ń pe pápá náà. Òfuurufú ní ọ̀nà mẹ́ta, x, y àti z, nítorí náà wọ́n máa ń pín ọfà kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta: P ni apá rẹ̀ tó gba ọ̀nà x, Q ni èyí tó gba ọ̀nà y, R sì ni èyí tó gba ọ̀nà z lọ sókè.

Ẹni tó bá ń rìn lórí ìlà àyípo nínú pápá yìí á rí ìrànlọ́wọ́ níbì kan, á sì rí ìdíwọ́ níbòmíràn. Ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kìkì apá ọfà tó bá ọ̀nà ìrìn rẹ̀ mu ni wọ́n ń mú, wọ́n á sì fi gígùn ìṣísẹ̀ náà sọ ọ́ di púpọ̀. Bí ọfà bá ń tì í láti ẹ̀yìn, iye náà ju òdo lọ; bó bá dojú kọ ọ́, iye náà kéré sí òdo; bó bá ti ẹ̀gbẹ́ lù ú ṣánṣán, òdo ni. Àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni ìṣànyíká, báyìí ni wọ́n sì ń kọ ọ́:

∮ P dx + Q dy + R dz

Òbíríkítí tó wà láàárín àmì náà ń sọ pé ìlà tí wọ́n ń ro iye náà jọ lórí rẹ̀ padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ lọ sí ìhà kan náà pẹ̀lú eré kan náà níbi gbogbo, òdo ni ìṣànyíká rẹ̀, torí pé ohun tó fún ẹni tó ń rìn nígbà tó ń lọ ni yóò gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá ń bọ̀. Kí ìṣànyíká tó lè kúrò ní òdo, pápá náà ní láti yàtọ̀ láti ibì kan sí òmíràn lórí ìlà náà.

Ìyàtọ̀ yìí ni kọ́ọ̀lù ń wọ̀n. Ká ní ẹnìkan ya igun mẹ́rin kékeré kan sílẹ̀ pẹrẹsẹ, tí gígùn rẹ̀ lọ́nà x jẹ́ h, tí ìbú rẹ̀ lọ́nà y sì jẹ́ k, tó wá rìn yí i ká lódì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Ní ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀, ó kó P lọ́nà h. Ní ẹ̀gbẹ́ òkè, ó ń padà bọ̀, nítorí náà P lọ́nà h ló pàdánù. Àmọ́ P tó wà lókè kì í ṣe iye kan náà pẹ̀lú tìsàlẹ̀. Ó ti fi nǹkan bí ∂P/∂y lọ́nà k pọ̀ sí i, níbi tí ∂P/∂y ti dúró fún bí P ṣe ń yí padà bí ènìyàn bá ń lọ sí ìhà y. Bí wọ́n bá wá ro ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀, ohun tó ṣẹ́ kù ni −(∂P/∂y)hk. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì á fi +(∂Q/∂x)hk sílẹ̀ lọ́nà kan náà. Gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ (∂Q/∂x − ∂P/∂y)hk. Fífẹ̀ igun mẹ́rin náà sì ni hk, torí náà ohun tó wà nínú àkámọ́ ni ìṣànyíká tó bọ́ sórí ìwọ̀n kan fífẹ̀. Òun ni apá kẹta kọ́ọ̀lù. Igun mẹ́rin tó kọjú sí x àti èyí tó kọjú sí y ló mú apá méjì yòókù wá:

curl F = (∂R/∂y − ∂Q/∂z, ∂P/∂z − ∂R/∂x, ∂Q/∂x − ∂P/∂y)

Ọfà ni kọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, ní ojú ibi kọ̀ọ̀kan. Bí abala kékeré kan bá dagun, tí kò kọjú sí x tàbí y tàbí z gan-an, wọ́n á mú kìkì apá kọ́ọ̀lù tó lọ bá ọfà tó dúró ṣánṣán lórí abala náà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn rò pé ìṣàn gbọ́dọ̀ wọ́ kó tó ní kọ́ọ̀lù. Omi inú gọ́tà tó tọ́ gbọnrangandan máa ń yára láàárín ju ẹ̀gbẹ́ lọ, nítorí pé ògiri gọ́tà ń fà á sẹ́yìn. Bí ewé kékeré bá bọ́ sí itòsí ògiri náà, á máa yí lórí ara rẹ̀ bó ṣe ń lọ, torí pé omi ìhà àárín ń ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ju èkejì lọ. Ìṣàn náà tọ́, síbẹ̀ ó ní kọ́ọ̀lù.

Bí kọ́ọ̀lù ti jẹ́ ìṣànyíká abala kékeré, ohun tó kù ni láti to abala kéékèèké wọ̀nyí jọ títí wọ́n á fi di odindi awọ. Ibí yìí ni ìdí òfin náà fara hàn. Abala méjì tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn jọ ní ààlà kan láàárín. Ẹni tó bá rìn yí abala kìn-ín-ní ká á gba ààlà náà kọjá sí ìhà kan. Ẹni tó bá rìn yí abala kejì ká á gba ààlà kan náà kọjá sí òdìkejì. Ohun tí ọ̀kan kó jọ níbẹ̀ ni èkejì pàdánù, nítorí náà ààlà náà kò mú ohunkóhun wá sínú àròpọ̀. Bó ṣe rí nìyẹn fún gbogbo ààlà tó wà láàárín awọ, bó ti wù kí wọ́n pọ̀ tó. Àwọn ààlà tí kò rí ẹnìkejì tí yóò pa wọ́n rẹ́ ni èyí tó wà létí awọ, etí náà sì ni ìlà tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Òfin náà nìyí, C dúró fún ìlà, S dúró fún awọ:

∮_C F·dr = ∬_S (curl F)·dS

Ó ku ọ̀rọ̀ ìhà. Bí ìka ọwọ́ ọ̀tún bá ká lọ sí ìhà tí wọ́n ń rìn lórí etí, àtàǹpàkò ni ó ń fi ìhà tí ọfà orí awọ gbọ́dọ̀ kọ sí hàn. Bí wọ́n bá yan òdìkejì, iye tó tọ́ ni yóò jáde ṣùgbọ́n àmì rẹ̀ á dojú dé. Awọ náà sì gbọ́dọ̀ ní ojú méjì tó yàtọ̀ síra. Bí wọ́n bá lọ́ ọ̀já gbọọrọ kan lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó so orí rẹ̀ mọ́ ìdí, ọfà tí wọ́n bá fà yí i ká á padà dé pẹ̀lú orí nísàlẹ̀, òfin náà kò sì ní ibi tí yóò dúró sí lórí irú ọ̀já bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe Stokes ló kọ́kọ́ rí òfin tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. William Thomson, tí ayé wá mọ̀ sí Lord Kelvin, ló kọ ọ́ sínú lẹ́tà tó fi ránṣẹ́ sí George Gabriel Stokes ní ọjọ́ kejì oṣù Keje ọdún 1850. Stokes, ọmọ ilẹ̀ Ireland tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Cambridge, fi í ṣe ìbéèrè nínú ìdánwò fún Ẹ̀bùn Smith ní ọdún 1854. James Clerk Maxwell wà lára àwọn tó jókòó ṣe ìdánwò náà. Hermann Hankel, ọmọ Jámánì, tẹ ẹ̀rí òfin náà jáde ní 1861.

Àpẹẹrẹ kan á jẹ́ kí bí òfin náà ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn kedere. Kí pápá náà jẹ́ F = (z, x, y). Kí sílíńdà kan dúró ṣánṣán, kí rédíọ́sì rẹ̀ jẹ́ 2, èyí ni x² + y² = 4, kí wọ́n sì dá a lágun lórí z = 3 − y. Ojú ibi tí wọ́n ti gé e kò tẹ́jú: níbi tí y ti jẹ́ −2, ìlà náà ga dé 5, níbi tí y ti jẹ́ 2, ó sọ̀ dé 1. Ìlà tó yí ojú gígé yìí ká ni C, ẹni tó bá sì wò ó láti òkè á rí i pé ìrìn náà lòdì sí ti ọwọ́ aago.

Ẹni tó bá fẹ́ rin ìlà náà fúnra rẹ̀ á kọ ọ́ báyìí: x = 2 cos t, y = 2 sin t, z = 3 − 2 sin t, tí t sì ń lọ láti 0 dé 2π. Bó bá fi wọ́n sínú z dx + x dy + y dz, ohun tó máa rí fún ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni

(4 − 6 sin t − 4 sin t cos t) dt

Nínú àyíká kan tó pé, sin t lo ìdajì ìrìn lókè òdo, ó sì lo ìdajì nísàlẹ̀ rẹ̀, nítorí náà ó pa ara rẹ̀ rẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni sin t cos t. 4 nìkan ló ṣẹ́ kù, 4 lọ́nà 2π sì jẹ́ 8π, ìyẹn nǹkan bí 25.13.

Ọ̀nà ti awọ yá ju èyí lọ. Kọ́ọ̀lù pápá yìí jẹ́ (1, 1, 1) níbi gbogbo. Awọ tó rọrùn jù ni ojú gígé tó dagun yẹn fúnra rẹ̀. Ọfà tó dúró ṣánṣán lórí rẹ̀ ni (0, 1, 1), tí wọ́n bá fi òjìji awọ náà lórí ilẹ̀ wọn fífẹ̀ rẹ̀. Apá kọ́ọ̀lù tó bá ọfà yìí lọ jẹ́ 0 + 1 + 1, èyí ni 2. Òjìji náà jẹ́ òbíríkítí tí rédíọ́sì rẹ̀ jẹ́ 2, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 4π. 2 lọ́nà 4π jẹ́ 8π. Àṣìṣe kan wà tó máa ń wáyé níbí. Awọ tó dagun fẹ̀ ju òjìji rẹ̀ lọ, ní ìlọ́po √2, ọfà (0, 1, 1) sì gùn tó √2 láti fi gbé àfikún yẹn. Ẹni tó bá lo ọfà náà, tó tún lo fífẹ̀ awọ gan-an dípò ti òjìji, ti ka àfikún kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì. Bí √2 bá jáde nínú èsì tí kò sí nínú ti ìrìn, ibẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wò.

Awọ kejì ló fi ohun tí òfin náà lè ṣe hàn. Kí wọ́n fi ojú gígé náà sílẹ̀ láìbò, kí wọ́n wá lo ara sílíńdà náà láti etí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé z = 0, pẹ̀lú òbíríkítí pẹrẹsẹ tó dí ìdí rẹ̀. Etí awọ yìí kò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ní ìdí, ọfà kọ sókè, apá kọ́ọ̀lù tó bá a lọ jẹ́ 1, fífẹ̀ jẹ́ 4π, èsì ibẹ̀ sì jẹ́ 4π. Ní ara, ọfà kọjú sínú, (−cos t, −sin t, 0), nítorí náà apá kọ́ọ̀lù tó bá a lọ jẹ́ −(cos t + sin t). Gíga ara náà ní ibi kọ̀ọ̀kan jẹ́ 3 − 2 sin t, ìbú abala tín-ín-rín kan sì jẹ́ 2 dt. Bí wọ́n bá sọ gbogbo rẹ̀ di púpọ̀, kìkì 4 sin² t ni kò pa ara rẹ̀ rẹ́ nínú àyíká náà, èsì rẹ̀ sì jẹ́ 4π. 4π ti ìdí àti 4π ti ara jẹ́ 8π.

Ẹni tó bá gbàgbé ìhà ọfà ni yóò ṣìnà lórí awọ kejì yìí. Ó rọrùn kí ènìyàn jẹ́ kí ọfà ara sílíńdà kọjú síta, torí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nínú àwọn ìṣirò míì. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ara á mú −4π wá, àpapọ̀ á sì di òdo. Òdo máa ń dà bí èsì tó mọ́, ìdí nìyẹn tí àṣìṣe yìí fi ń pẹ́ kó tó hàn. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le: kí wọ́n fa ọfà tó kọ sókè ní ìdí lọ sí ara sílíńdà láìgún awọ kọjá sí òdìkejì. Inú sílíńdà ni yóò ti bá ara rẹ̀.

Kí ló dé tí awọ méjì tó yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀ fi bára mu? Bí wọ́n bá pa wọ́n pọ̀, wọ́n di àpò kan tó dí pátápátá, tí kò ní etí. Àròpọ̀ kọ́ọ̀lù tó ń gba ara irú àpò bẹ́ẹ̀ jáde jẹ́ òdo, nítorí pé gbogbo ààlà tó wà lára rẹ̀ ló rí ẹnìkejì tí yóò pa á rẹ́. Iye kọ́ọ̀lù tó bá gba awọ kan wọlé gbọ́dọ̀ gba awọ kejì jáde. Nítorí náà, ẹni tó bá ní awọ tó ṣòroó ṣírò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi èyí tó rọrùn rọ́pò rẹ̀, bí etí bá ṣáà ti jẹ́ ọ̀kan.

Ẹ̀tọ́ yìí ní ibi tó mọ. Pápá tó tẹ̀ lé e yìí fi í hàn:

F = (−y/(x² + y²), x/(x² + y²), 0)

Bí wọ́n bá ṣírò kọ́ọ̀lù rẹ̀, òdo ló ń jáde níbi gbogbo. Àmọ́ bí ènìyàn bá rin òbíríkítí tí rédíọ́sì rẹ̀ jẹ́ 1 yí ìlà z ká, ìṣànyíká tó máa kó jọ jẹ́ 2π. Ó jọ pé òfin náà ti yẹ̀. Kò yẹ̀. Lórí ìlà z, x² + y² di òdo, pápá náà kò sì sí níbẹ̀ rárá, torí pé kò sí ẹni tó lè fi òdo pín nǹkan. Ìlà z gùn lọ sókè àti sísàlẹ̀ láìlópin, nítorí náà kò sí awọ tí wọ́n lè nà bo òbíríkítí náà tí ìlà z kò ní dá lu. Òfin náà sì béèrè pé kí pápá wà, kó sì ṣe déédéé, lórí gbogbo awọ. Ì bá ṣe pé ojú kan ṣoṣo ni pápá náà kò ti sí, awọ ì bá gba òkè tàbí ìsàlẹ̀ ojú ibẹ̀ kọjá láìfarakàn án, gbogbo nǹkan ì bá sì lọ déédéé. Kí wọ́n tó ṣírò ohunkóhun, ó tọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wo ibi tí ohun tí wọ́n fi ń pín ti di òdo, kí wọ́n sì wò ó bóyá awọ lè yẹra fún ibẹ̀.

Ìrísí pápá yìí ni agbára mágínẹ́ẹ̀tì ní lẹ́yìn òde wáyà gígùn tó tọ́, tí iná ń gbà kọjá. Òfin Ampère sọ pé ìṣànyíká agbára mágínẹ́ẹ̀tì dọ́gba pẹ̀lú μ₀ lọ́nà I, níbi tí I ti jẹ́ iná tó dá awọ lu. Orí èyí ni kílámùpù mítà àwọn oníṣẹ́ iná dúró lé. Ẹnu mítà náà á là, á há wáyà sáàárín, á sì pa dé. Ibi yòówù kí wáyà wà nínú ẹnu náà, iye tó ń fi hàn fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀, torí pé iye iná tó gba inú àyíká kọjá kò yí padà. Bí ẹni tó ń lò ó bá há wáyà tó ń gbé iná lọ àti èyí tó ń gbé e bọ̀ pọ̀, mítà á fi òdo hàn, bí iná tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ dáadáa.

Òfin Ampère yìí náà ni ẹ̀tọ́ láti pààrọ̀ awọ fi àléébù rẹ̀ hàn. Ká ní wáyà kan ń gbé iná lọ sínú kapásítọ̀, ìyẹn irin pẹrẹsẹ méjì tó kọjú síra tí àlàfo sì wà láàárín wọn. Kí ìlà àyípo kan yí wáyà náà ká. Awọ tó le dan-in lórí ìlà yìí, wáyà dá a lu, nítorí náà iná tó gbà á kọjá jẹ́ I. Àmọ́ bí wọ́n bá jẹ́ kí awọ náà sọ̀ títí tó fi gba àlàfo àárín irin méjèèjì kọjá, kò sí wáyà kankan níbẹ̀, iná tó gbà á kọjá sì jẹ́ òdo. Etí jẹ́ ọ̀kan, èsì di méjì. Òfin Stokes kò gba irú èyí láàyè, nítorí náà ohun kan ló sọnù nínú òfin Ampère.

Maxwell ló fi í kún un, nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde ní 1861 àti 1862. Àwòrán tirẹ̀ nípa ohun tó kún inú òfuurufú ló gbé e débẹ̀. Ẹ̀rí awọ méjì yìí jẹ́ ọ̀nà tí àwọn ìwé ẹ̀kọ́ ń gbà ṣàlàyé rẹ̀. Bí iná ṣe ń wọ kapásítọ̀, pápá iná tó wà láàárín irin méjèèjì, tí wọ́n ń pè ní E, ń lágbára sí i, ìyípadà yìí sì ń mú agbára mágínẹ́ẹ̀tì wá bí iná inú wáyà ṣe ń mú un wá. Òfin náà wá di:

curl B = μ₀J + μ₀ε₀ ∂E/∂t

J ni iná tó ń ṣàn nínú wáyà, B sì ni agbára mágínẹ́ẹ̀tì. Lórí awọ tó le dan-in, apá ti J ló kó iye náà wá. Lórí awọ tó gba àlàfo kọjá, J jẹ́ òdo, apá ti E ló sì kó o wá, torí pé bí iná ṣe ń pé jọ sórí irin ni E ń pọ̀ sí i, ní ìwọ̀n tó jẹ́ I gan-an. Awọ méjèèjì wá ní μ₀I kan náà.